Àkójọ Háṣítáàgì Tó Ń Yí Fúnra Rẹ̀

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣì ń bínú sí wa nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà àgànyìn. Ẹ ní sùúrù, òun gan-an la fẹ́ sọ lónìí. Àwọn kan rò pé àìlójútì ló fà á. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí a rò pé a ti ṣe dáadáa, tí a tiẹ̀ ń fi yangàn láàárín ara wa, ló dá a sílẹ̀.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀: ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní sáà tó kọjá, iná sọ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ẹ̀mí kankan kò bá a lọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n aṣọ, ìwé àti kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn jóná. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́rú máa mọ́, háṣítáàgì orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wa ti di ibi tí gbogbo ènìyàn ń pàdé. Ẹnì kan ń béèrè ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí fóònù rẹ̀ kò lọ. Ẹlòmíràn ń sọ ibi tí wọ́n ti ń gba aṣọ fún àwọn tí ẹrù wọn jóná. Àwọn òbí tó wà ní ìlú òkèèrè ń wo táàgì yẹn láti mọ̀ bóyá ọmọ àwọn wà láàyè.

Ní aago mẹ́jọ àárọ̀ géérégé, àtẹ̀jáde tiwa jáde sí àárín wọn. Àwòrán ẹ̀wà àgànyìn ni, epo ń ṣàn lórí rẹ̀. Ohun tí a kọ sí abẹ́ rẹ̀ ni pé: “Ata tó jóná dúdú ni adùn rẹ̀. Ta ló fẹ́ jẹ?” Háṣítáàgì mẹ́wàá ló tẹ̀lé e, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ wa sì wà lára wọn.

Inú kíláàsì ni gbogbo wa wà. Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó ti jáde. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn la ti ṣètò rẹ̀ sílẹ̀. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú kí ẹnì kan nínú wa tó ṣí fóònù, tó sì rí ohun tí àwọn ènìyàn ti kọ sí wa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí gbogbo ẹrù rẹ̀ jóná kọ ọ́ pé: “Ẹ̀yin wọ̀nyí, ṣé ẹ ò lójú ni?” A pa àtẹ̀jáde náà rẹ́, a sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ya àwòrán rẹ̀, àwọn kan sì ti fi ẹjọ́ wa sun ojú òpó náà pé sípáàmù ni wá. Nígbà tí a wá fi fóònù ẹni tí kò tẹ̀lé wa wò ó ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn àtẹ̀jáde wa kò yọ mọ́ lábẹ́ àwọn táàgì tí a fi sí wọn.

Ó yẹ kí á sọ bí a ṣe dé ibẹ̀, torí a mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan là ń ṣe irú ètò yìí. Gbogbo ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ojú ewé, gbogbo ẹni tó ń ta aṣọ tàbí bàtà lórí fóònù, ló ń ṣe é.

Níbẹ̀rẹ̀, àkójọ kan ṣoṣo la ní. Ó wà nínú àkọsílẹ̀ fóònù ọ̀kan nínú wa, ó kún fún háṣítáàgì mẹ́wàá, a ó kàn dà á kọ sí abẹ́ gbogbo àtẹ̀jáde. Ẹnì kan wá kìlọ̀ fún wa pé irú àtúnwí bẹ́ẹ̀ máa ń jọ iṣẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì lójú àwọn ojú òpó wọ̀nyí, pé kí á máa pààrọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ìlànà X, tí à ń pè ní Twitter tẹ́lẹ̀, sọ ọ́ ní gbangba pé sípáàmù ni kí ènìyàn máa gbé ọ̀rọ̀ kan náà, tàbí èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, jáde léraléra. Nítorí náà a pín táàgì wa sí àkójọ mẹ́ta. Àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ á gba àkójọ kìíní, èkejì á gba ìkejì, ẹ̀kẹta á gba ìkẹta, a ó sì padà sí ìkíní. A rò pé a ti gbọ́n.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà la tó ṣàkíyèsí nǹkan kan. Àtẹ̀jáde mẹ́ta là ń gbé jáde lọ́sẹ̀: òwe ní ọjọ́ Ajé, oúnjẹ ní Ọjọ́rú, ìtàn ìlú ní ọjọ́ Ẹtì. Àtẹ̀jáde mẹ́ta, àkójọ mẹ́ta. Ẹ ti rí i. Gbogbo òwe ọjọ́ Ajé ló ń gba àkójọ kìíní, láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ títí dé ọ̀sẹ̀ kẹjọ, táàgì mẹ́wàá kan náà, bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn kan náà. À ń rò pé a ń yí i, kò sì yí rárá. Ẹni tó bá ń wá òwe Yorùbá ní tirẹ̀, ohun kan náà ló ń rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò nínú wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí á fi àkójọ kan kún un kó di mẹ́rin, torí mẹ́ta àti mẹ́rin kò ní pàdé títí àtẹ̀jáde méjìlá yóò fi pé, ìyẹn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. A ṣe bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, òwe gba àkójọ kìíní ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó gba ìkẹrin ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìkẹta ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìkejì ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ìṣirò náà pé. Ohun tí a fi kún àkójọ kẹrin ni àwọn táàgì tí a ń lò ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́: orúkọ ilé ẹ̀kọ́, orúkọ ìlú, orúkọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ bá wa kà á: Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kẹta ni àtẹ̀jáde kẹjọ, àtẹ̀jáde kẹjọ sì bọ́ sí àkójọ kẹrin. Bí ẹ̀wà àgànyìn ṣe dé inú ìròyìn iná nìyẹn. Kò sí ẹni tó fi í síbẹ̀. Ìṣirò ló gbé e lọ.

Láti ìgbà náà ni a ti ń jiyàn láàárín ara wa, ibi tí a sì dé ni pé a gbé ìbéèrè náà sódì láti ìbẹ̀rẹ̀. À ń béèrè pé “báwo la ṣe máa pààrọ̀ táàgì kí ẹ̀rọ má bàa fura?” Ẹni tó ń gbìyànjú kí wọ́n má fura sí òun ti mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe ní kọ́núkọ́họ nínú. Ohun tó yẹ kí á béèrè ni pé: ta ni ó máa rí àtẹ̀jáde yìí lábẹ́ táàgì yìí, ṣé inú rẹ̀ á sì dùn pé òun rí i?

Ẹ wo ìyá tó ń kiri mọ́ínmọ́ín ládùúgbò. Igbe kan náà ló ń ké láràárọ̀, ní òpópónà kan náà, kò sì sí ẹni tó ní ó ń da òun láàmú. Àwọn kan tilẹ̀ ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n bó bá gbé igbá mọ́ínmọ́ín rẹ̀ wọ ilé tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ké, wọ́n á lé e jáde. Àtúnwí kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ibi tó wọ̀ ni. Ìlànà X náà mọ èyí, torí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ àtúnwí, ó tún ka lílo háṣítáàgì tó pọ̀ jù, tí kò bá ọ̀rọ̀ mu, mọ́ sípáàmù, ìbáà jẹ́ nínú àtẹ̀jáde kan tàbí káàkiri ọ̀pọ̀ àtẹ̀jáde. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí ayélujára ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 á rántí. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo #EndSARS láti wá ara wọn àti láti tọrọ ìrànlọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń fi táàgì náà ta wíìgì àti bàtà. Ká tiẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n lò ó. Sípáàmù ni síbẹ̀.

Èrò wa nìyí, tí ẹ bá sì fẹ́, ẹ bá wa jà sí i: àkójọ tó ń yí fúnra rẹ̀ burú ju àkójọ kan ṣoṣo tí a ń tún lò lọ. Àkójọ kan ṣoṣo náà ó kéré tán bá gbogbo ọ̀rọ̀ wa mu díẹ̀. Èyí tó ń yí ń fi táàgì oúnjẹ sí abẹ́ òwe, ó sì ń fi táàgì òwe sí abẹ́ ìtàn ìlú, gbogbo rẹ̀ torí kí ojú má bàa rí ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà a dá yíyí àkójọ dúró. Ohun tí a ń yí báyìí ni táàgì inú kòkó kọ̀ọ̀kan. Òwe ní kòkó tirẹ̀, oúnjẹ ní tirẹ̀, ìtàn ní tirẹ̀, kò sí èyí tó ń jáde lọ sí ọ̀dọ̀ èkejì. Àtẹ̀jáde kọ̀ọ̀kan ń gba táàgì mẹ́ta péré: orúkọ ojú ewé wa, tí kì í yí padà rárá, àti méjì láti inú kòkó ọ̀rọ̀ náà. Bí ọ̀kan ṣe ń dúró kan náà kò dá wa lẹ́bi, torí tiwa ni, kò sí ẹni tó ń wá nǹkan mìíràn lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á fi kòkó òwe ṣe àpẹẹrẹ. Táàgì márùn-ún ló wà nínú rẹ̀: 1 ni #OweYoruba, 2 ni #EdeYoruba, 3 ni #YorubaProverbs, 4 ni #AsaYoruba, 5 ni #LearnYoruba. Tí a bá ń mú méjì-méjì nínú márùn-ún, ọ̀nà mẹ́wàá péré ló wà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ a mú 1 àti 2. Ọ̀sẹ̀ kejì, 3 àti 4. Ọ̀sẹ̀ kẹta, 5 àti 1. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, 2 àti 3. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, 4 àti 5. Kò sí ọ̀sẹ̀ méjì tó tẹ̀lé ara wọn tí táàgì kan pàdé nínú wọn, gbogbo táàgì sì ti jáde lẹ́ẹ̀mejì. Láti ọ̀sẹ̀ kẹfà, a ń fo ọ̀kan: 1 àti 3, lẹ́yìn náà 5 àti 2, 4 àti 1, 3 àti 5, 2 àti 4. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹwàá bá parí, méjì-méjì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti jáde, kò sí èyí tó padà wá. Sáà wa kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó sì ṣe pàtàkì ni pé èyíkéyìí tí ẹ bá mú, òwe ni, ó bá òwe mu.

Kì í ṣe gbogbo kòkó ló kún tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a dé orí ìtàn ìlú, táàgì mẹ́ta péré la rí tí àwọn ènìyàn ń lò lóòótọ́ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Táàgì mẹ́ta kò lè bí ju méjì-méjì mẹ́ta lọ, èyíkéyìí méjì tí ẹ bá sì tò tẹ̀lé ara wọn gbọ́dọ̀ pín ọ̀kan. Ẹnì kan ní kí á wá méjì mìíràn kún un kó lè pé márùn-ún. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń ṣubú padà sínú kòtò àtijọ́, torí táàgì tí a wá kí iye lè pé kò ní bá ọ̀rọ̀ mu. Ọ̀kan ṣoṣo là ń fi sí ìtàn ìlú báyìí, 1, 2, 3, ká tún bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan á ní mẹ́ta ti kéré jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Instagram fi gba ènìyàn láàyè láti kó 30 sí abẹ́ àtẹ̀jáde kan, a sì mọ àwọn tó ń kó gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2021, Instagram fúnra rẹ̀ gba àwọn tó ń fi iṣẹ́ wọn síta nímọ̀ràn pé kí wọ́n lo mẹ́ta sí márùn-ún. Ìṣirò àtúnwí náà tún wà níbẹ̀: ẹni tó bá ń lo 30 lójoojúmọ́ tí kò sì fẹ́ kí táàgì kan pàdé lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀lé ara wọn gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán 60 tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ní ọgọ́ta orúkọ. Díẹ̀ tí a ń lò ló jẹ́ kí yíyí ṣeé ṣe láìparọ́.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Gbogbo wa là ń kọ Yorùbá tòun ti àmì nínú ọ̀rọ̀ wa, àwọn kan sì ní ìtìjú ni kí á yọ ọ́ nínú táàgì. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá òwe lórí fóònù, láìsí àmì ló máa ń tẹ̀ ẹ́. A gbà pé kí táàgì wà láìsí àmì. Nígbà náà la wá rí ọ̀fìn tó wà níwájú. Láìsí àmì, #Owo lè jẹ́ owó, ọwọ́, òwò tàbí ọ̀wọ̀. #Ife lè jẹ́ Ifẹ̀, ìfẹ́ tàbí ife omi, ìtàn Ọrànmíyàn wa sì bá ara rẹ̀ láàárín àwọn tọkọtaya tó ń fẹnu ko ara wọn lẹ́nu. Ti #Oko ni ká má tíì sọ. A kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán oko ẹ̀gẹ́, kí ọ̀kan nínú wa tó rántí ohun mìíràn tí àwọn lẹ́tà mẹ́ta yẹn lè jẹ́, tí a kò lè sọ lójú àgbà. Táàgì alápapọ̀ ló gbà wá: #IleIfe dípò #Ife, #OweYoruba dípò #Owe. Ẹ fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ kí ó lè rọrùn láti kà, àti fún àwọn tí fóònù ń ka ọ̀rọ̀ sí létí.

Àwọn tó bá sì takú pé àmì gbọ́dọ̀ wà, kí wọ́n ṣọ́ra fún èyí. Kò sí ẹyọ àmì kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà fún ọ̀ tàbí ẹ́. Bátànì kan lè kọ ọ bí ẹyọ kan kó sì gbé ohùn lé e lórí. Òmíràn á kọ ò kó sì fi ẹsẹ̀ sí i nísàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ méjì ni. Àkọsílẹ̀ Python kékeré tí a fi ń yẹ àkójọ wa wò sọ fún wa pé kò sí àtúnwí, nígbà tí táàgì kan náà jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí ènìyàn méjì tó ń lo bátànì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ wọ́n. Ìlà kan ló tún un ṣe:

```python
from unicodedata import normalize
kòkó = {normalize("NFC", t).casefold() for t in kòkó}
```

`NFC` ń kó àwọn ọ̀nà ìkọ̀wé yẹn pọ̀ sí ọ̀nà kan ṣoṣo, `casefold` sì ń mú kí lẹ́tà ńlá àti kékeré dọ́gba, torí #OweYoruba àti #oweyoruba kò yàtọ̀ síra lójú àwọn ojú òpó wọ̀nyí. Ẹ̀dà tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò nìyẹn o. Èyí tí a ń lò lábẹ́ àtẹ̀jáde ṣì ní lẹ́tà ńlá rẹ̀.

Kókó tó kù ni ti àsìkò, òun gan-an ló sì já wa kulẹ̀. Táàgì kan wà tó dà bí àpótí ìwé: òwe tó wà lábẹ́ #OweYoruba lónìí á ṣì wúlò lọ́dún tó ń bọ̀. Òmíràn dà bí ìpàdé, àwọn ènìyàn wà nínú rẹ̀ báyìí, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́, orúkọ ìlú, orúkọ ayẹyẹ, ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn, ìpàdé ni gbogbo wọn. A ti kó gbogbo irú wọn kúrò nínú kòkó. Bí a bá fẹ́ lo táàgì Àyájọ́ Ọjọ́ Èdè Abínibí Àgbáyé ní ọjọ́ 21 oṣù kejì, ẹni tó jí ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn tó ti wo ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ níbẹ̀.

Instagram gbà kí ènìyàn ṣètò àtẹ̀jáde sílẹ̀ fún ọjọ́ 75 níwájú. Ọjọ́ méje ni tiwa báyìí, kò sì gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. A tún pín ọ̀sẹ̀ láàárín ara wa. Ẹni tí ọ̀sẹ̀ bá kàn máa ń ṣí àwọn táàgì tó wà lábẹ́ àtẹ̀jáde ọjọ́ náà ní aago méje, á wo nǹkan bí mẹ́wàá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀, bí ohun kan bá sì ṣẹlẹ̀, á dá tiwa dúró. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ìyẹn ni ìṣẹ́jú mẹ́ta tí a kò ní ní Ọjọ́rú yẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá tirẹ̀ ti ń jọ sípáàmù, kí ó ṣe ohun tí a ṣe. Ẹ da àwọn táàgì abẹ́ àtẹ̀jáde mẹ́wàá tó jáde kẹ́yìn sí ojú ìwé kan, láìsí àwòrán, láìsí ọ̀rọ̀, kí ẹ sì gbé e fún ọ̀rẹ́ yín pé kó sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá lé. Bí kò bá lè sọ èyí tó jẹ́ oúnjẹ yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ òwe, iṣẹ́ ṣì wà. Nínú mẹ́wàá wa àtijọ́, méjì péré ni ọ̀rẹ́ wa mọ̀. Ẹ tún wo ìlà àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ yín pẹ̀lú. Gbogbo òwe wa ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ẹ káàárọ̀ ẹ̀yin ọmọ Oòduà, òwe tòní rèé”, a sì ń fi gbogbo agbára wa pààrọ̀ táàgì, láìrí i pé àtúnwí tó tóbi jù wà lókè rẹ̀.

Gbogbo wa kọ́ la fẹnu kò o. Ọ̀kan nínú wa ní kí á tilẹ̀ yọ gbogbo háṣítáàgì kúrò. Ó ní Adam Mosseri tó jẹ́ olórí Instagram ti sọ léraléra pé háṣítáàgì kì í fi bẹ́ẹ̀ mú kí àtẹ̀jáde dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti pé láti oṣù kejìlá ọdún 2024 ni Instagram ti mú un kúrò pé kí ènìyàn lè tẹ̀lé táàgì. Òótọ́ ni méjèèjì. Èsì àwọn tó kù ni pé kì í ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn la ń wá pẹ̀lú #OweYoruba. Ọmọ Yorùbá kan tó wà ní Peckham, tí olùkọ́ ní kó mú òwe ìyá rẹ̀ wá sí kíláàsì, tó wá tẹ ọ̀rọ̀ náà sínú àpótí ìwákiri, òun là ń wá. Arábìnrin wa ní ọmọ yẹn á rí i láìsí táàgì, torí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ohun tí a kọ. A kò rí èsì kan tó tó fún un.

Ohun tí a wá fẹnu kò lé lórí ni pé ìtàn ìlú ọjọ́ Ẹtì á máa jáde láìsí táàgì kankan títí sáà yìí á fi parí, àyàfi orúkọ ojú ewé wa, òwe àti oúnjẹ á sì máa bá ètò tuntun lọ. Ẹ̀wà àgànyìn náà á padà ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, aago mẹ́jọ, pẹ̀lú táàgì mẹ́ta. A ti yí ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ padà. Ẹni tí ọ̀sẹ̀ kàn ti gbé aago ìdájí rẹ̀ sí mẹ́fà ààbọ̀.